Pẹtiróòlù, Kẹrosíìnì, Ọ́ìlì, Ọ̀dà: Ọmọ Ìyá Kan Ni Wọ́n, Ṣùgbọ́n Ìwà Wọn Kò Papọ̀!

Ìṣáná kan ṣoṣo ni. Ilẹ̀ ti ṣú, iná mànàmáná ti lọ. Ìyá àwọn ọmọ fa àtùpà sọ́dọ̀, ó rọ kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná sí i. Kó tó dá ìgò àtùpà padà sórí, gbàmù! Iná ti gba ojú, ó ti gba aṣọ, ó ti kan ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú Bìní àti agbègbè rẹ̀ ní ọdún 2001, nígbà tí kẹrosíìnì tí pẹtiróòlù ti dà mọ́ wọ ọjà. Àtùpà tó ti ń tàn wọ́ọ́rọ́wọ́ nínú ilé láti ọdún mọ́dún di ohun tó ń bú gbàmù.

Ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí yóò béèrè pé: kí ló dé? Ṣebí inú ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti fa pẹtiróòlù àti kẹrosíìnì jáde? Ṣebí inú epo rọ̀bì kan náà ni dísù ti wá, tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti wá, tí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì náà ti wá? Báwo ni ọmọ ìyá kan náà ṣe wá yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, tí èkejì ń bú bí ìbọn, tí ẹ̀kẹta sì sùn sórí títì tí ọkọ̀ ń gùn ún mọ́lẹ̀, tí kò tilẹ̀ mira?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí kò ṣòro rárá. Ẹni tó bá ti rí i bí wọ́n ṣe ń se ògógóró ti mọ ìdajì rẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN OLÓGÓGÓRÓ TI MỌ̀ TIPẸ́

Ní agbègbè àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, ẹmu tó ti kan dáadáa ni wọ́n ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n á dé e pinpin, wọ́n á koná sí i nídìí. Páìpù kan ló máa ń jáde láti orí dúrọ́ọ̀mù náà, tí yóò gba inú omi tútù kọjá. Bí ẹmu bá ti ń hó, oru rẹ̀ á gba inú páìpù lọ. Bó bá ti dé inú omi tútù, oru á tún di omi padà, á sì máa kán tó, tó, tó sínú ìgò.

Ohun tó yẹ ká ṣàkíyèsí nìyí. Ọtí àti omi jọ wà nínú ẹmu kan náà ni, ṣùgbọ́n wọn kì í hó pa pọ̀. Nǹkan bíi dígírì 78 ni ọtí gidi ti ń hó, omi kì í hó àfi tó bá dé dígírì 100. Nítorí náà, oru ọtí ló ń sáré jáde ṣíwájú. Èyí tó kọ́kọ́ kán ló máa ń le jù, èyí tó kán gbẹ̀yìn á sì dẹ̀ pẹ̀lẹ́, nítorí omi ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ògbólógbòó olùsè mọ ìgbà tó yẹ kí òun fa ìgò kúrò. Iná ló fi ya ohun tó wọnú ara wọn sọ́tọ̀, kò fi ọwọ́ yà á, kò sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé ìfọpo gan-an nìyẹn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ohun méjì pàtàkì ni ológógóró ń yà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú epo rọ̀bì lé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún oríṣi, gbogbo wọn ló sì ti po mọ́ra bí àdàlú.

ÌLẸ̀KẸ̀ KÉKERÉ, ÌLẸ̀KẸ̀ GBỌỌRỌ

Epo rọ̀bì yìí, kí ló tilẹ̀ wà nínú rẹ̀? Bí ojú ènìyàn bá lè rí hóró epo, èyí tó kéré ju gbogbo ohun tí ojú lè rí lọ, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín ni yóò rí. Ohun tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù, èyí tó jẹ́ ara èédú, ni ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ náà. Háídírójìn, tó jẹ́ gáàsì tó fúyẹ́ jù láyé, ló sì lẹ̀ mọ́ ọn yíká.

Àwọn kan kúrú. Ìlẹ̀kẹ̀ 1 títí dé 4 ni wọ́n ní: gáàsì nìyẹn, títí kan èyí tí a ń rà nínú sílíńdà fún oúnjẹ. Àwọn tó ní nǹkan bí 5 sí 10 ni pẹtiróòlù. Àwọn tó tó nǹkan bí 10 sí 16 ni kẹrosíìnì. Dísù gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 20 lọ sókè. Èyí tó wà nínú ọ̀dà ní tirẹ̀ gùn kọjá gbogbo wọn, ó lọ́ mọ́ra, ó sì so kọ́ra wọn bí irun tí a kò yà láti oṣù mẹ́ta.

Gbogbo ìwà epo kò ju ibi gígùn ìlẹ̀kẹ̀ yìí lọ. Hóró tó kúrú kò rí ohun dì mú lára ẹnìkejì rẹ̀, nítorí náà tí ìgbóná díẹ̀ bá ti kàn án, ó ti fò lọ nìyẹn. Hóró tó gùn ń di ẹnìkejì rẹ̀ mú láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, àfi kí iná pọ̀ kó tó lè gbéra. Ìdí nìyí tí pẹtiróòlù tó kán sílẹ̀ fi ń gbẹ kí a tó ṣẹ́jú, tí kẹrosíìnì ń pẹ́ díẹ̀, tí ọ́ìlì sì ń wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí iyanrìn yóò fi mu ún.

NÍNÚ ÀGBÁ GÍGA

Nígbà tí epo rọ̀bì bá dé ilé ìfọpo, wọ́n á kọ́kọ́ fi omi fọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀, nítorí iyọ̀ tó bá bá a wọlé yóò jẹ irin. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbà á gba inú páìpù tó wà nínú iná ìléru, títí yóò fi gbóná tó nǹkan bíi dígírì 350. Ìgbà náà ni wọ́n á wá tú u sí ìsàlẹ̀ àgbá irin gíga kan tó dúró gbọnrangandan bí òpó.

Èyí tó wà nílé ìfọpo Dáńgótè ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ epo ní 2024, ga ju mítà 100 lọ. Àwọn ilé ìfọpo tó ṣíwájú rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1965 lẹ́bàá Pọ́tá, ti Wárì ní 1978, àti ti Kàdúná ní 1980, irú àgbá bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ sí wọn.

Ìsàlẹ̀ àgbá yìí gbóná janjan, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń lọ sókè ni ó ń tutù sí i. Bí ìsàlẹ̀ bá wà ní dígírì 350, òkè téńté lè máà ju nǹkan bíi 110 sí 120 lọ. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni wọ́n tẹ́ àwọn àtẹ irin sí nínú, ọ̀kan lórí èkejì, bí àtẹ aláta lọ́jà. Wọ́n dá ihò sí àtẹ kọ̀ọ̀kan lára kí oru lè gba ibẹ̀ gòkè.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Oru epo ń gòkè, epo tó ti di omi padà ń ṣàn bọ̀ wá sísàlẹ̀, wọ́n sì ń pàdé lórí àtẹ kọ̀ọ̀kan. Hóró gbọọrọ kò lè rìn jìnnà: kò ì gòkè púpọ̀ tí òtútù fi mú un, ó ti di omi padà sórí àtẹ tó wà nísàlẹ̀ nìyẹn. Hóró kúkurú ní tirẹ̀ ṣì fúyẹ́, ó ń lọ ni. Bí gbogbo wọn ṣe ń dé ibi tí ìgbóná kò ti lè gbé wọn mọ́, ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ bí èrò ọkọ̀ ṣe ń sọ̀ ní ibùdókọ̀ oníkálukú. Dísù sọ̀ nísàlẹ̀. Kẹrosíìnì sọ̀ láàárín. Èyí tí wọn yóò fi ṣe pẹtiróòlù àti gáàsì ni wọ́n gun ọkọ̀ dé òpin, òkè téńté ni wọ́n ti ń gbà wọ́n jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan wà níbẹ̀. Èrò kì í sọ̀ níbi tó yẹ tán pátápátá. Lórí àtẹ tí kẹrosíìnì wà, àwọn hóró pẹtiróòlù díẹ̀ máa ń há sáàárín wọn. Bí wọ́n bá gbé kẹrosíìnì yẹn jáde bẹ́ẹ̀ lọ sílé onílé, ìjàm̀bá ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ àgbá kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá ńlá. Inú rẹ̀ ni kẹrosíìnì máa ń gbà kọjá, wọ́n á sì máa fẹ́ oru omi gbígbóná sí i láti ìsàlẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ ìyàngbò kúrò nínú ìrẹsì. Oru náà á lé àwọn hóró tó fúyẹ́ padà sínú àgbá ńlá. Ìgbà yìí ni kẹrosíìnì tó di ohun tí ènìyàn lè gbé wọ yàrá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àgbá kékeré yìí, nítorí a ó tún padà sídìí rẹ̀.

ÈYÍ TÓ KÙ SÍLẸ̀ KÌ Í ṢE ÌDỌ̀TÍ

Nínú gbogbo epo tó wọlé, àwọn kan wà tí dígírì 350 kò rí gbé ṣe. Ìsàlẹ̀ àgbá ni wọ́n jókòó sí, wọ́n dúdú, wọ́n ki. Ẹnìkan lè sọ pé kí wọ́n sáà fi iná kún iná títí wọn yóò fi hó. Rárá o! Bí ìgbóná bá ti kọjá ibi kan, ìlẹ̀kẹ̀ gbọọrọ kò ní hó mọ́, jíjá ni yóò máa já, tí yóò sì máa di èédú tó ń lẹ̀ mọ́ páìpù. Ẹni tó bá ti jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná nídìí ìkòkò rí yóò mọ ohun tí à ń wí.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé wọ́n gbé epo náà lọ sínú àgbá kejì, wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò bá ti tẹ ohun mọ́lẹ̀, kíá ló ń hó. Ní Jọ́ọ̀sì tó wà lórí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ díẹ̀, omi ń hó kó tó dé dígírì 100. Nínú àgbá kejì yìí, afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá, nítorí náà epo tó ki náà á hó láìjóná. Èyí tó di oru lára wọn ni wọ́n máa ń fi ṣe ọ́ìlì. Èyí tó kọ̀ jálẹ̀, tó ní òun kò lọ síbì kan, òun ni ọ̀dà.

Kí ló dé tí ọ́ìlì fi yẹ fún ẹ́ńjìnnì? Ìdí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe jíjó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wà láàárín irin méjì kí wọ́n má baà họ ara wọn. Inú ẹ́ńjìnnì sì gbóná, nítòsí písítìnnì ìgbóná ń kọjá dígírì 200. Bí wọ́n bá da pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì síbẹ̀, yóò ti fò lọ, irin yóò sì máa jẹ irin. Ọ̀dà ní tirẹ̀ kò ní ṣàn dé ibi tó yẹ. Ọ́ìlì ló wà láàárín: ó gùn tó láti dúró nínú iná, kò sì gùn débi tí kò fi ní lè yọ̀.

Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ á máa fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, á gbóòórùn rẹ̀, á sì fi ìka méjì fọwọ́ pa á. Bí ọ́ìlì bá ń rùn bíi pẹtiróòlù, tó sì ṣàn bí omi, tí ó tilẹ̀ pọ̀ sí i dípò kó dín kù, á mọ̀ pé epo tó yẹ kó jó lókè ti ń jò sísàlẹ̀. Hóró kúkurú ti wọ àárín hóró gbọọrọ, ọwọ́ tí wọ́n fi di ara wọn mú ti tú. Ẹni tó bá fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìlọrin láìtún un ṣe, ẹ́ńjìnnì tuntun ló ń wá.

Gírísì ńkọ́? Ọ́ìlì kan náà ni o! Ọṣẹ ni wọ́n pò mọ́ ọn kó lè dúró lójú kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ọṣẹ tí a fi ń fọṣọ. Ọṣẹ náà ń mú ọ́ìlì dúró bí kànìnkànìn ṣe ń mú omi dúró, tí béárìnnì bá ti ń yí, á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀DÀ TÓ KỌ̀ TÍ KÒ LỌ

Ọ̀dà kò wúlò fún àtùpà, kò wúlò fún ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kó burú fún ìwọ̀nyí gan-an ló mú kó dára fún títì. Kì í fò lọ, omi òjò kì í wọ inú rẹ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ òkúta tímọ́tímọ́. Bí wọ́n bá gbé e gbóná tó nǹkan bíi dígírì 150, á ṣàn, wọ́n á pò ó mọ́ òkúta, wọ́n á fi kátápílà tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti tutù, ó di ẹyọ kan.

Nígbà mìíràn, àwọn tó ń ṣe títì máa ń fẹ́ kí ọ̀dà ṣàn wọ inú ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀, kí wọ́n tó da òkúta ọlọ́dà lé e lórí. Kẹrosíìnì ni wọ́n ń bù mọ́ ọ̀dà náà. Ọ̀dà á wá fẹ́lẹ́, á mu wọlẹ̀, kẹrosíìnì á sì fò lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, á fi ọ̀dà nìkan sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ọmọ ìyá ni wọ́n, nítorí náà wọ́n ń wọnú ara wọn. Ìdí yìí kan náà ló ń ba títì jẹ́ níwájú gáréèjì: níbi tí dísù bá ti ń kán sílẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀dà á rọ̀, òkúta á ṣí, kòtò á dé. Àwọn ènìyàn á ní òjò ló ṣe é. Òjò kọ́, dísù ló yọ́ ọ̀dà.

Ohun kan tún wà tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Epo rọ̀bì kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. Èyí tí wọ́n ń fà ní ìhà Náíjà Délítà fúyẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ kúkurú ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pẹtiróòlù àti dísù fi ń pọ̀ jáde láti inú rẹ̀, tí èyí tó kù fún ọ̀dà kò sì tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìfọpo Kàdúná kó lè máa ṣe ọ́ìlì àti ọ̀dà pẹ̀lú, epo rọ̀bì tó ki ni wọ́n ní láti rà wá láti òkè òkun fún ẹ̀ka yẹn. Orílẹ̀-èdè tó ń ta epo fún aráyé tún ń ra epo wọlé! Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀, ìwà epo ni.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀dà wà nílẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ní Agbábù, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó wà nínú ilẹ̀, àwọn òyìnbó sì ti gbẹ́ kànga síbẹ̀ láti wá a kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Epo rọ̀bì ni òun náà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jìn sínú ilẹ̀, nítorí náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn hóró tó fúyẹ́ ti ń bọ́ kúrò lára rẹ̀, tí àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí sì ń jẹ èyí tí wọ́n lè jẹ. Èyí tó kù ni ọ̀dà. Ohun tí ilé ìfọpo ń fi iná ṣe láàárín wákàtí díẹ̀, ilẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ṣe é.

KẸRỌSÍÌNÌ TÓ DI ÌBỌN

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àtùpà tí a fi bẹ̀rẹ̀. Epo tó wà ní omi kì í jó. Oru rẹ̀ ló ń jó. Nínú àtùpà tó dára, òwú ló ń fa kẹrosíìnì gòkè, ibi ṣóńṣó òwú nìkan ni ìgbóná ti pọ̀ débi tí kẹrosíìnì fi ń di oru, ibẹ̀ nìkan náà ló sì ti ń jó. Nínú ikùn àtùpà, oru kò tó nǹkan, nítorí náà iná kò rí ohun tó lè bá wọlé.

Epo kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ìgbóná tí oru rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé kó tó lè gbaná. Pẹtiróòlù, kódà nínú ilé yìnyín, oru rẹ̀ ti tó láti gbaná. Kẹrosíìnì tó péye kò gbọdọ̀ gbaná bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò bá tíì gbóná tó dígírì 38. Dísù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì ń kọjá dígírì 200. Ọ̀sán gangan nílẹ̀ wa lè tó dígírì 33. Ẹ wò ó: dígírì díẹ̀ péré ló wà láàárín kẹrosíìnì tó péye àti ìjàm̀bá. Dígírì díẹ̀ yìí ni àgbá kékeré ilé ìfọpo ń ṣọ́.

Ẹ wá fi ojú inú wo ìyá kan tó ń ta kẹrosíìnì. Ó ra dúrọ́ọ̀mù kan, lítà 200, lọ́wọ́ oníṣòwò tó mú un wá láti ara tánkà. Pẹtiróòlù ni tánkà náà gbé lọ́jọ́ tó ṣíwájú, wọn kò sì gbọn gbogbo rẹ̀ tán kí wọ́n tó rọ kẹrosíìnì sí i. Bí pẹtiróòlù tó bá a wọ dúrọ́ọ̀mù bá jẹ́ lítà 10 péré, ìdá kan nínú ogún nìyẹn. Lójú, kò yàtọ̀. Ní títà, kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tó láti fa ìwọ̀n ìgbóná tí epo náà ń gbà gbaná wá sísàlẹ̀ ìgbóná ọ̀sán. Kò sí ẹni tó rò pé òun ń pààyàn, bẹ́ẹ̀ ikú ti wà nínú dúrọ́ọ̀mù.

Ó tún ní ohun tó yani lẹ́nu. Nínú agolo tí pẹtiróòlù nìkan wà, oru náà máa ń pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ kì í tó o jó nínú agolo, òde agolo ló ti ń gbaná. Ṣùgbọ́n tí pẹtiróòlù bá jẹ́ díẹ̀ nínú kẹrosíìnì, oru àti afẹ́fẹ́ inú ikùn àtùpà á wá ṣe déédéé. Ìgbà náà ni iná á gba ẹ̀gbẹ́ òwú wọlé, tí ikùn àtùpà á bú. Àdàlù díẹ̀ yìí ló ń sọ àtùpà di ìbọn.

BÁWO LA ṢE LÈ MỌ̀ Ọ́N?

Àwọn kan ní tí a bá gbé e kalẹ̀ mọ́jú, pẹtiróòlù á léfòó sókè, a ó sì gbọ́n ọn dànù. Irọ́ ni. Wọn kì í ya ara wọn, gẹ́gẹ́ bí ògógóró tí a bomi là kì í fi ya. Àwọn mìíràn ń wo àwọ̀, àwọ̀ kò sọ nǹkan kan. Àwọn kan á ní kí a fi ìṣáná dán an wò. Ẹ má ṣe é láéláé.

Ohun kan wà tó lè ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun níta, jìnnà sí iná. Bó bá gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ láìfi àmì ọ̀rá sílẹ̀, pẹtiróòlù ni, ẹ má gbé e wọlé. Kẹrosíìnì máa ń fi àmì ọ̀rá sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n yìí mọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú ogún, bébà kò ní sọ òótọ́. Ife àyẹ̀wò tí ó ní ọ̀pá ìwọ̀n ìgbóná nínú, tí àwọn ibùdó epo ńlá ń lò, nìkan ló lè sọ ọ́.

Nítorí náà, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà ni pé kó mọ ibi tí ọjà rẹ̀ ti wá, kó sì bi wọ́n ní ohun tí tánkà náà gbé kẹ́yìn. Kẹ́ẹ̀gì tó ti gba pẹtiróòlù rí kò gbọdọ̀ gba kẹrosíìnì láé, ì báà jẹ́ pé a fọ̀ ọ́. Epo tí owó rẹ̀ bá ṣàdéédéé wálẹ̀ ju ti gbogbo ọjà lọ, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó ni pé kó pa àtùpà tàbí sítóòfù, kó jẹ́ kó tutù pátápátá, kó tó rọ epo sí i. Bí àtùpà bá sì ń jó ṣàkàṣàkà, tí iná rẹ̀ ń fò sókè lódì sí ti àtẹ̀yìnwá, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ má gbé e, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Bí iná bá sọ, ẹ má da omi lé epo, nítorí epo á léfòó sórí omi, á sì gbé iná káàkiri. Iyanrìn tàbí aṣọ nípọn tó tutù lẹ fi ń bò ó. Ẹni tí iná bá jó, omi tútù lásán ni kí ẹ máa dà sí ojú ibẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe epo pupa.

Ilé ìfọpo fi iná, àtẹ àti àgbá tó ga ju ilé alájà ogún lọ ya àwọn ọmọ ìyá yìí sọ́tọ̀, ó fi oníkálukú sí ibi iṣẹ́ tó bá ìwà rẹ̀ mu. Ẹni tó bá bu lítà mẹ́wàá péré dà padà sínú ara wọn ti ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ lọ́wọ́ kan. Àwọn àgbà ní iná ò ṣe é dì sí aṣọ. Kẹrosíìnì tó ní pẹtiróòlù nínú náà ò ṣe é gbé sínú yàrá.